Aago Ìlú Wo Lo Fi Sí I?

Ìtàn kékeré kan nìyí nípa ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìpolówó kan n'Ìbàdàn. Oníbàárà wọn kan máa ń kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ aránṣọ lórí Fesibúùkù ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti aago mẹ́sàn-án sí aago mẹ́wàá àárọ̀. Iṣẹ́ ọmọbìnrin yìí ni láti kọ ìkéde rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, kó sì dá aago fún un, kó lè dá jáde fúnra rẹ̀ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Láti oṣù Kẹfà ló ti ń ṣe é, kò sì yẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, aago mẹ́jọ ààbọ̀ lù, ìkéde ò jáde. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ló tó yọjú, nígbà tí ẹ̀kọ́ ti dé ìdajì. Ọmọbìnrin náà rò pé òun ló kọ aago ọ̀hún ṣì, àmọ́ nígbà tó wò ó, 8:30 ló ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ bi í pé, "Aago ìlú wo lo fi sí i?"

"Ọ̀gá, tiwa níbí ni."

Wọ́n jọ ṣí ojú ìwé ètò náà. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni `Europe/London`. Ẹnì kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ló bá wọn ṣí i.

Kí ló dé tí kò fi hàn látọjọ́ yìí? Àwọn ará Bìrìtìkó máa ń sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, wọ́n á sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Nàìjíríà kì í yí aago tirẹ̀. Láàárín oṣù méje yẹn, aago Lọ́ńdọ̀nù àti tiwa dọ́gba, àṣìṣe náà sì fara pamọ́. Ọjọ́ 26 ni wọ́n dá tiwọn padà. Láti ìgbà náà, 8:30 tiwọn ti di 9:30 tiwa.

Ọmọbìnrin náà yí i sí `Africa/Lagos`, ó rò pé ó parí. Ọ̀gá ní kó tún wo àwọn ìkéde tó kù nílẹ̀. Gbogbo wọn ń fi 9:30 hàn, torí pé ojú aago nìkan ló yí, àkókò tí wọ́n máa jáde gan-an kò yí. Ló bá ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tún wọn ṣe. Lẹ́yìn náà, ó ṣètò ìkéde kan tí àwọn òṣìṣẹ́ nìkan lè rí, ó dúró tì í títí ó fi jáde lásìkò.

Ẹ̀kọ́ tó kọ́ nìyí: bí ìkéde bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́, ó lè jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bó bá jẹ́ wákàtí kan gééré ló fi yẹ̀, orúkọ ìlú tó wà lára aago ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.