Ẹ Bi Wọ́n Kí Ẹ Tó Wọkọ̀

Lẹ́tà tí iléeṣẹ́ ńlá fi ń pe àwọn tó ń wáṣẹ́ kì í gùn. "A pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níwájú ìgbìmọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, ní Ìkòyí. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí yín dání." Ó parí. Ẹni tó bá kà á á rò pé òun máa jókòó síwájú èèyàn mẹ́ta fún ìdajì wákàtí, òun á sì máa lọ sílé. Ìgbà tó bá débẹ̀ ló máa tó mọ̀ pé ìdánwò wà lórí kọ̀ǹpútà, pé àwọn tó wáṣẹ́ máa jọ jíròrò níṣojú àwọn tó ń máàkì, àti pé ìgbìmọ̀ tí wọ́n torí ẹ̀ pè é gan-an di ọ̀sán.

Wọn ò fẹ́ fi tàn yín jẹ. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí wọ́n pè, àlàyé tó kù sì wà lọ́wọ́ aṣojú tó ń bá iléeṣẹ́ náà wá òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ni kì í fẹ́ bi í, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù kó má pè wọ́n ní aláròyé. Ẹ̀rù yìí ò nídìí. Bí aṣojú náà bá jẹ́ ará ìta tí iléeṣẹ́ bẹ̀ níṣẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà, àfi tí wọ́n bá gba ẹni tó mú wá ni wọ́n tó máa sanwó fún un. Bó bá sì jẹ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà fúnra ẹ̀, ojú tirẹ̀ ló máa tì tí ọ̀gá mẹ́rin bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá gbọ́ ẹni tí ò múra. Ó wu òun náà kẹ́ ẹ ṣe dáadáa.

Ká mú ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn, tó kàwé lórí ìṣirò owó, tí wọ́n pè fún irú ọjọ́ báyìí. Ó kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ sọ pé òun ń bọ̀, nítorí aṣojú tí ò tíì mọ̀ bóyá ẹ máa wá ò ní fẹ́ jókòó máa ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà ni kó béèrè gbogbo ohun tó fẹ́ mọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó má máa fi wọ́n ránṣẹ́ ní ẹyọ ẹyọ lórí wásáàpù:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ pè mí. Màá wà níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, lágbára Ọlọ́run. Ìbàdàn ni mo ti ń bọ̀, mo sì fẹ́ ṣètò ìrìnàjò mi. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí la máa ṣe lọ́jọ́ náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, báwo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì ṣe pẹ́ tó? Ṣé ibì kan wà tó jẹ́ pé ẹni tí ò bá yege níbẹ̀ máa padà sílé? Èèyàn mélòó ló wà nínú ìgbìmọ̀, kí sì ni ipò wọn? Kí ni kí n múra sílẹ̀, kí ni kí n sì mú wá?"

Ẹ wò ó pé kò béèrè orúkọ àwọn ọ̀gá, kò sì béèrè ohun tí wọ́n máa bi í. Ipò wọn tó o, aṣojú sì lè sọ ọ́ láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ká ní èsì dé báyìí: ìforúkọsílẹ̀ ní aago mẹ́jọ; ìdánwò wákàtí kan ní aago mẹ́jọ ààbọ̀; èsì ìdánwò ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, ẹni tó bá yege nìkan ló máa dúró; ìjíròrò ẹlẹ́ni mẹ́fà fún ìṣẹ́jú 40 ní aago mọ́kànlá; lẹ́yìn oúnjẹ, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin, ìṣẹ́jú 40 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ìṣirò owó, ọ̀gá tó ń yẹ ìwé owó wò, ẹnì kan láti ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ẹnì kan láti ẹ̀ka mìíràn ni wọ́n.

Ohun tí èsì yìí kọ́kọ́ tú fó ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ láti Mọ́níyà ò lè gbé e dé Ẹbúté Mẹ́ta kí aago mẹ́jọ tó lù, nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ wá ibi tó máa sùn sí l'Ékòó ní Ọjọ́rú. Ó sì lè jẹ́ pé aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni wọ́n máa ní kó máa lọ, ó sì lè jẹ́ ìrọ̀lẹ́, torí náà kò yẹ kó ra tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ sílẹ̀.

Ìṣẹ́jú 40 yẹn náà lọ́rọ̀ tó ń sọ. Ẹ yọ ìṣẹ́jú 5 kúrò fún ìkíni, kẹ́ ẹ yọ 5 mìíràn fún ìbéèrè tí òun náà máa bi wọ́n níparí. Ó ku 30. Bí ìgbìmọ̀ bá ní ìbéèrè mẹ́fà, ìṣẹ́jú 5 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, tòun ti ìbéèrè fúnra ẹ̀ àti èyí tí wọ́n máa fi tọ pinpin. Ìdáhùn tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ ròyìn ọdún àgùnbánirọ̀ rẹ̀ ti jẹ àkókò ìbéèrè tó kàn, ìbéèrè tí ò sì kàn án lára kò lè ní máàkì. Máàkì ni mo sọ o: ní iléeṣẹ́ tó mètò, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi gbogbo èèyàn, ọ̀gá kọ̀ọ̀kan sì ní ìwé tirẹ̀ tó ń kọ iye tó fún ìdáhùn sí. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kéèyàn bi aṣojú pé, "Àwọn nǹkan wo ni ìgbìmọ̀ ń wò lára wa?" Kò ní sọ ìbéèrè, àmọ́ ó lè sọ pé ìfarabalẹ̀ ṣírò, ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn àti bí èèyàn ṣe ń tún àṣìṣe ṣe ni. Ọmọbìnrin yìí á wá mọ irú ìtàn iṣẹ́ tó yẹ kó ṣà sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjíròrò ẹlẹ́ni mẹ́fà. Ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó ìṣẹ́jú méje, àwọn tó ń máàkì á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ mọ́ gbogbo èèyàn lẹ́nu kì í sábà gbégbá orókè níbẹ̀.

Ẹni tí àtẹ̀gùn bá ń dà láàmú, tàbí tí etí rẹ̀ ò gbọ́ tó, kó sọ ọ́ nínú lẹ́tà kan náà, kó sì béèrè yàrá ìsàlẹ̀ tàbí ìjókòó iwájú. Nàìjíríà ní òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara léèwọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019.

Àwọn aṣojú kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n máa sọ ni, "Kò le rárá, ẹ ṣá máa bọ̀." Ẹ má bínú. Ẹ béèrè ohun méjì péré: èèyàn mélòó la máa rí, aago mélòó la máa ṣíwọ́? Ẹni tí ò bá mọ̀ lóòótọ́ á bi iléeṣẹ́. Àmọ́ ẹni tí ò lè sọ orúkọ iléeṣẹ́, tí kò mọ ipò ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀, tó ń yí ibi ìpàdé padà, tàbí tó ní kẹ́ ẹ sanwó fọ́ọ̀mù, ẹ má lọ bá a. Ọ̀pọ̀ irú ìpè bẹ́ẹ̀ kò ju ìpàdé àwọn tó ń ta oògùn àti ọṣẹ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ bẹ́ẹ̀. Ní 2021, ní Úyò, irọ́ iṣẹ́ ni ọkùnrin kan fi tan ọmọbìnrin kan jáde nílé tó sì pa á; ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún un lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù tí mo máa ń ní kí wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ náà gan-an, nígbà tí aṣojú bá ń sìn wọ́n jáde: ọjọ́ wo ni èsì máa dé, ta ló sì máa fi ránṣẹ́? Bí ọjọ́ tó dá bá kọjá, ẹ dúró di ọjọ́ iṣẹ́ kejì, kẹ́ ẹ tó kọ ìlà méjì sí i láti rán an létí.