Bí 13 Nínú 20 Ṣe Ń Dé Amẹ́ríkà

Iṣẹ́ méjì ló wà lórí ìwé èsì akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní Kétu tàbí Sákétẹ́, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tó sì fẹ́ wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ní láti di Gẹ̀ẹ́sì. Orí 20 ni wọ́n sì ti ń gba máàkì níbẹ̀, kì í ṣe orí 100.

Atúmọ̀ èdè kì í mú èyí tó wù ú. Gbogbo ohun tó wà lójú ìwé ló ń túmọ̀, títí kan òǹtẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì. Yóò buwọ́ lu gbólóhùn kan nísàlẹ̀ pé òun gbọ́ èdè méjèèjì, àti pé ìtumọ̀ náà pé, kò sì yàtọ̀ sí ìwé àkọ́kọ́. Kó má gbàgbé ọjọ́: 03/07 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù keje ní Bẹ̀nẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ keje oṣù kẹta ni ará Amẹ́ríkà yóò kà á sí. Kíkọ orúkọ oṣù jáde ló ń parí ìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni máàkì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba 13 nínú 20, 13 náà ni kó wà nínú ìtumọ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ di 65 nínú 100 ti ba ti ọmọ náà jẹ́, nítorí D ni 65 ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà. Ẹni tó sì fi B dípò rẹ̀ lè mú kí wọ́n fura pé wọ́n ti fọwọ́ kan ìwé náà. Yunifásítì fúnra rẹ̀, tàbí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò, bíi WES, ló ń ṣe ìyẹn.

Àyè àlàyé wà lọ́tọ̀, nínú lẹ́tà tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá kọ. Lẹ́tà náà á sọ pé 10 ni wọ́n fi ń yege, pé 12 jẹ́ Asé Bíẹ̀, 14 jẹ́ Bíẹ̀, 16 sókè sì jẹ́ Tirẹ̀ Bíẹ̀, àti pé ó ṣọ̀wọ́n kí olùkọ́ fún ẹnikẹ́ni ní 18 nínú àròkọ. Á tún sọ pé iṣẹ́ kan wúwo ju òmíràn lọ. Ká ní ìṣirò wúwo ní 4, Faransé sì wúwo ní 2: ẹni tó gba 14 nínú ìṣirò àti 10 nínú Faransé ní 56 àti 20, àpapọ̀ rẹ̀ 76. Bí a bá fi 6 pín in, ó di 12.67. Ẹni tí kò mọ̀ nípa ìwúwo yìí yóò rò pé 12 ló yẹ kó jẹ́.

Ohun tó tún ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ jù ni ipò rẹ̀ ní kíláàsì. Tí ìwé bá fi hàn pé ẹni tó ní 13 ló ṣe ipò kẹta nínú 48, tí máàkì tó ga jù sì jẹ́ 14.2, òye á tètè yé ẹni tó ń kà á.

Síbẹ̀, lẹ́tà yìí kò pàṣẹ fún yunifásítì kankan. Òmíràn á ní àfi kí ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé wò ṣàgbéyẹ̀wò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, òmíràn kò ní béèrè ju ìtumọ̀ lọ. Owó àyẹ̀wò náà kò kéré, nítorí náà ohun tí yunifásítì kọ sílẹ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kà kó tó sanwó.