Bí Dátábéèsì Ṣe Ń Yan Ọ̀nà Tó Dínwó Jù

Ẹni tó bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ dátábéèsì kì í sọ ọ̀nà tí yóò gbà wá a, ohun tó fẹ́ nìkan ló ń sọ. Aṣètò ìbéèrè tó wà nínú dátábéèsì náà ló ń yan ọ̀nà. Ní 1979 ni Patricia Selinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ IBM ti ṣàlàyé bó ṣe ń yàn án: kó ṣírò ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan máa ná an, kó sì mú èyí tó kéré jù.

Ẹ jẹ́ ká wo PostgreSQL. Ká ní tábìlì oníbàárà kan ní ìlà mílíọ̀nù kan, tó gba ojú-ewé 10,000 lórí dísíìkì. Tó bá ń ka ojú-ewé tẹ̀lé ara wọn, 1 ló ń ṣírò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan; tó bá ní láti fò lọ ka ojú-ewé kan níbòmíràn, 4 ni. Ó ń fi 0.01 kún un fún ìlà kọ̀ọ̀kan, àti 0.0025 fún àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan. Láti ka gbogbo tábìlì náà wá àwọn ará ìlú kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 22,500.

Bí àwọn ará Ẹdẹ bá jẹ́ 500, tí atọ́ka sì wà lórí orúkọ ìlú, fífò lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kò ní ju bíi 2,000 lọ. Atọ́ka ló máa lò. Ṣùgbọ́n bí ará Èkó bá jẹ́ 400,000, ó sàn kó ka tábìlì náà látòkè délẹ̀. Orúkọ ìlú nìkan ló yí padà, ọ̀nà sì yí padà.

Báwo ló ṣe mọ iye ènìyàn kó tó kà wọ́n? Àṣẹ `ANALYZE` ló ń bá a ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà, ìlà 30,000 ló máa ń ṣà láìṣojúsàájú, tó sì máa kọ àwọn orúkọ tó wọ́pọ̀ jù sílẹ̀ pẹ̀lú ìdá tí wọ́n kó.

Ibi tó ti ń ṣìṣe ni pé ó gbà pé òpó kan kò mọ òpó kejì. Ká ní ará Ìbàdàn jẹ́ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, ará ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì jẹ́ ìdá mẹ́wàá. Bí ẹnìkan bá béèrè ará Ìbàdàn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, aṣètò á sọ ìdá méjèèjì di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, á retí ìlà 8,000. Inú Ọ̀yọ́ sì ni Ìbàdàn wà. 80,000 ló máa bá. Àṣìṣe yìí lè mú un wá ọjà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan rà lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ì bá ka tábìlì ọjà náà lẹ́ẹ̀kan, kó sì so méjèèjì pọ̀. `EXPLAIN ANALYZE` ló ń tú u fó, torí ó ń to iye tí aṣètò retí àti iye tó rí gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Láti ẹ̀dà 10, tó jáde ní 2017, a lè sọ fún un pé òpó méjèèjì tan mọ́ra:

```
CREATE STATISTICS ilu_ipinle (dependencies)
  ON ilu, ipinle FROM onibara;
ANALYZE onibara;
```

Ìṣírò á sún mọ́ 80,000 lẹ́yìn náà. Àmọ́ bí ẹnìkan bá béèrè ará Ìbàdàn ní ìpínlẹ̀ Èkó, tí kò sí níbì kankan, aṣètò yìí á ṣì máa retí ìlà rẹpẹtẹ, torí ó ń ka ìbéèrè méjèèjì sí èyí tó bára mu.