Bí A Ti Ń Kọ Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú àti Ìpìlẹ̀ Ẹ̀kọ́ nínú Ìròyìn Ìdánwò Awò

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹ̀kọ́, ìdánwò awò tí ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ kò le láti ṣe. Apá ìbẹ̀rẹ̀ ìròyìn rẹ̀ ni ó máa ń sú ọ̀pọ̀ ènìyàn láti kọ.

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú kò ní láti gùn. Kí ó sọ ohun tí a ń wá, èyí ni bí ó ti jìnnà tó láti àárín awò dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá gbé kó jọ, tí a ń pè ní f. Lẹ́yìn náà kí ó sọ iye tí a fojú bù ṣáájú. Bí a bá wà nínú yàrá kan ní Ọ̀yìngbò, kí a gbé awò dojú kọ fèrèsé, kí a sì máa sún bébà funfun lẹ́yìn rẹ̀ títí àwòrán ilé òdìkejì yóò fi hàn kedere, ní ìdoríkodò. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 15 ni ó wà láàrin awò àti bébà: a mọ̀ nígbà náà pé àtùpà wa gbọ́dọ̀ jìnnà sí awò ju 15 lọ, àìṣe bẹ́ẹ̀ kò ní sí àwòrán lórí bébà rárá.

Ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ni ó ń sọ ìdí tí a fi lè gba iye yìí gbọ́. Òfin náà ni pé

1/u + 1/v = 1/f

u ni jíjìnnà àtùpà sí awò, v sì ni ti àwòrán. Kí a má ṣe gbàgbé láti kọ ọ́ pé awò tẹ́ẹ́rẹ́ ni òfin yìí wà fún. Bí ilé náà bá jìnnà tó mítà 30, u jẹ́ 3000, v yóò sì jẹ́ 15.08, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí 15 kò tó ohun tí rúlà lè fi hàn.

Ọ̀pọ̀ a máa dúró síbí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kù. Kí a tún òfin náà tò báyìí: 1/v = 1/f − 1/u. Nígbà náà ni olùkà yóò rí i pé, bí a bá ya 1/v sí 1/u lórí gíráàfù, ìlà títọ́ tí ń sọ̀ kalẹ̀ ni a ń retí, tí yóò gé ìlà òró àti ìlà ìbú ní iye kan náà, 1/f. Fún awò wa, u 20 yóò fún wa ní v 60. 30 yóò fún wa ní 30. 60 yóò sì fún wa ní 20. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú wọn fún 1/f ní 0.0667.

Bí ibi méjèèjì tí a gé kò bá dọ́gba ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí àmì tí ó wà lára ohun tí ó di awò mú má bọ́ sí àárín awò gan-an. Bí ó bá fi ìdajì sẹ̀ǹtímítà yẹ̀ sí ọ̀dọ̀ bébà, u yóò pọ̀ jù, v yóò sì dín kù. Ìlà òró yóò fún wa ní f tí ó súnmọ́ 14.5, ìlà ìbú yóò sì fún wa ní èyí tí ó súnmọ́ 15.5. Nítorí náà, kí a kọ ọ́ sínú ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ pé a ó ka ibi méjèèjì, a ó sì fi àárín f méjèèjì ṣe ìdáhùn, nítorí ní àárín yìí ni àṣìṣe àmì náà ti pa ara rẹ̀ rẹ́.