Ohun Tí Ó Wà Lẹ́yìn Àmì @ Nínú Ìwé Orúkọ Wa



Ní oṣù kejì ọdún 2024, a fi àkáǹtì olúkúlùkù ránṣẹ́ sí i lórí ímeèlì, a sì fi fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó mọ́ ọn. Ìyá aláṣọ kan tí kì í jẹ gbèsè ẹgbẹ́ kò rí tirẹ̀ gbà. Kí ó tó yọjú sí ọ́fíìsì, ọjọ́ tí a ó gba fọ́ọ̀mù ti kọjá. Inú bí i sí mi, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Nígbà tí a wo ìwé orúkọ, `alaso12@gmail.con` ni a bá níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo tẹ con dípò com.

Àdírẹ́sì 214 ni ó wà nínú ìwé náà. Bí ènìyàn bá ń fi ojú kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò fo èyí tí ó bàjẹ́. Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo gé gbogbo ohun tí ó wà lẹ́yìn àmì @ sọ́tọ̀ sínú òpó kejì ní Excel. Bí àdírẹ́sì bá wà ní A2, èyí ni a ó tẹ̀ sí B2:

```
=MID(A2,FIND("@",A2)+1,LEN(A2))
```

FIND ń wá ibi tí @ wà. Nínú ti ìyá aláṣọ, lẹ́tà 7 ni ó ṣáájú rẹ̀, nítorí náà ipò 8 ni @ wà. A fi 1 kún un, ó di 9, ibẹ̀ ni MID ti bẹ̀rẹ̀ sí gé e. LEN jẹ́ iye gbogbo lẹ́tà, ìyẹn 17. Ó ju èyí tí ó ṣẹ́kù lọ, ṣùgbọ́n Excel yóò dúró níbi tí ọ̀rọ̀ bá parí sí. `gmail.con` ni yóò jáde. A wá fa fọ́múlà náà wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀, a sì to òpó B ní ètò a-b-d. Gbogbo `gmail.com` ó kó ara wọn jọ, àwọn `gmail.con` àti `gmial.com` á sì yọrí síta gbangba.

Ibi tí `#VALUE!` bá ti jáde, kò sí @ níbẹ̀ rárá. Nọ́ńbà fóònù ni ẹlòmíràn kọ síbẹ̀. Èyí tí ó ń tan ènìyàn jẹ ni àyè òfo tí a kò rí, tí ó wà ní ìparí ọ̀rọ̀. Ẹ tẹ `=LEN(B2)` sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: `gmail.com` jẹ́ 9, bí ó bá fún yín ní 10, nǹkan kan ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá fi TRIM yí fọ́múlà náà ká, àyè òfo náà yóò lọ.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fún mi ní ẹ̀fọ́rí. Ẹnì kan jẹ́ `AGB/0031`, ẹlòmíràn jẹ́ `AGB/OJA/0047`. Àwa ń fẹ́ ohun tí ó wà lẹ́yìn ìlà / tí ó kẹ́yìn, FIND sì ń dúró níbi àkọ́kọ́. Báyìí ni a ṣe é:

```
=TRIM(RIGHT(SUBSTITUTE(A2,"/",REPT(" ",100)),100))
```

Ẹ wò ó bí ìgbà tí a bá ní kí àwọn oníṣòwò mẹ́ta tí ìsọ̀ wọn fara kan ara wọn jìnnà síra. SUBSTITUTE yọ ìlà / kọ̀ọ̀kan, ó fi àyè òfo 100 rọ́pò rẹ̀. RIGHT wá gé 100 láti ọwọ́ ọ̀tún: àyè òfo 96 àti `0047`, kò sì lè kan `OJA` mọ́. TRIM gbá àyè òfo náà kúrò. Bí èyí tí ó kẹ́yìn bá gùn ju 100 lọ nìkan ni yóò ṣì í gé.

Àbùkù rẹ̀ ni pé bí kò bá sí / kankan nínú ọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò dá padà fún yín láìké gbàjarè. Bí ẹnì kan bá sì tẹ / sí ìparí, òfo ni ẹ ó rí. `0047` tí ó jáde yìí, ọ̀rọ̀ ni Excel kà á sí, kì í ṣe iye. Nínú lẹ́jà wa, 47 lásán ni akápò kọ, nítorí náà VLOOKUP kọ̀ láti rí i. Mo fi VALUE yí tèmi ká kí ó tó bára mu.

Ẹni tí ó ní Microsoft 365 tàbí Excel 2024 kò nílò wàhálà yìí:

```
=TEXTAFTER(A2,"/",-1)
```

-1 ni ó ní kí ó kà láti ẹ̀yìn. Bí kò bá sí /, `#N/A` ni yóò fi hàn, mo sì fẹ́ràn ìyẹn ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ti gbó, `#NAME?` ni ó ń kọ sí i.

Ohun kan ṣì kù tí fọ́múlà kò lè mọ̀: bí orúkọ tí ó ṣáájú @ bá ṣì, `gmail.com` yóò dára lójú, lẹ́tà kò sì ní dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹ àdírẹ́sì gbogbo yín sára ògiri ọ́fíìsì, láìkọ iye owó ẹnikẹ́ni sí i. Kí olúkúlùkù wá wo tirẹ̀ kí a tó fi fọ́ọ̀mù mìíràn ránṣẹ́. Ní ti ìyá aláṣọ, ìgbìmọ̀ ti gba fọ́ọ̀mù rẹ̀.