"A kì í pàdánù ẹjọ́": Irú àkọmọ̀nà wo ló yẹ iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò kékeré?

Káàdì pélébé kan ni ìyá oníṣòwò aṣọ náà gbé kalẹ̀ lórí tábìlì ní ọjọ́ kejì tí ilé ẹjọ́ dájọ́ pé kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo, kò sì sunkún. Ó kàn fi ìka sí ìlà kan lábẹ́ orúkọ iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò náà: "A kì í pàdánù ẹjọ́."

"Lọ́yà mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbẹ̀?"

Agbẹjọ́rò tó sọ ìtàn yìí fún wa ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Jos, níbi tí àwọn Yorùbá, pàápàá àwọn tí baba wọn ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ti ń ṣòwò láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní kí a má dárúkọ òun. Ọ́fíìsì rẹ̀ kò tóbi: òun fúnra rẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò kékeré méjì, àti akọ̀wé kan.

Ó ní òun ti sọ fún màmá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹjọ́ náà kò lágbára. Ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí sọ pé onílé lè gba ṣọ́ọ̀bù padà tó bá fẹ́ tún un kọ́, tó bá ṣáà ti fún un ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́ta. Onílé fún un ní ìwé náà. Màmá ní òun rò pé rìsíìtì owó ilé lòun fọwọ́ sí.

"Mo sọ fún wọn pé ó lè má rí bí a ṣe fẹ́," agbẹjọ́rò náà ní. "Àmọ́ káàdì mi ti sọ̀rọ̀ ṣáájú mi. Èyí tí káàdì sọ ni wọ́n gbọ́."

Ọjọ́ yẹn ló kó gbogbo káàdì náà dànù. Oṣù tó tẹ̀lé e ló fi wá ìlà mìíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀, ọ̀nà tó gbé e gbà ni a sì fẹ́ sọ níbí. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò kékeré ló ń kọ́kọ́ ṣe irú àṣìṣe tirẹ̀.

Kí ni òfin sọ nípa rẹ̀?

Ní Nàìjíríà, agbẹjọ́rò kò lè polówó ara rẹ̀ bí ẹni tó ń ta ọṣẹ. Nínú ìlànà ìṣe àwọn agbẹjọ́rò tó jáde ní 2007, ìlànà 39 gbà wọ́n láyè láti polówó iṣẹ́ wọn níwọ̀n ìgbà tó bá tọ́ tó sì yẹ. Ṣùgbọ́n ó ka àwọn ohun kan léèwọ̀: ọ̀rọ̀ tó lè ṣi aráàlú lọ́nà, ọ̀rọ̀ tó ń fi agbẹjọ́rò wé agbẹjọ́rò mìíràn, àti ọ̀rọ̀ nípa bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dára tó, bí iléeṣẹ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó, tàbí iye ẹjọ́ tó ti borí.

Ẹ̀dà tuntun ìlànà náà ti jáde ní 2023, nítorí náà èyí tó wà lóde báyìí ló yẹ kí agbẹjọ́rò ṣí wò kó tó tẹ ohunkóhun jáde. Ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn agbẹjọ́rò wí lè dá ẹni tó bá jẹ̀bi ìwà àìtọ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò pátápátá.

Ẹ wá wo ìlà orí káàdì yẹn. Iye ẹjọ́ tó borí ló ń sọ, èyí tí òfin kò fẹ́. Ó tún ń ṣini lọ́nà, torí adájọ́ ló ń dájọ́, kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ká tiẹ̀ ní kò tíì pàdánù rí, kò lè fi ti àná ṣèlérí ti ọ̀la.

Àwọn ìlà tó kọ́kọ́ dánwò

Àwọn agbẹjọ́rò kékeré méjèèjì ló kọ́kọ́ mú àbá wá. Ọ̀kan ní kí wọ́n kọ "Òfin, Òótọ́, Ìtayọ." Kò fi wọ́n wé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn bi wọ́n pé bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí sí ẹnu ọ̀nà báǹkì tàbí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ta ló máa mọ̀ pé ti agbẹjọ́rò ni? Ó tutù bí irin. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Èkejì ní kí wọ́n kọ "Àwa kì í jẹ owó oníbàárà." Èyí yóò pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rìn-ín, wọn yóò sì rántí rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá sọ pé òun kì í jẹ owó ti sọ pé àwọn kan ń jẹ ẹ́. Ìfiwéra ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Oníbàárà tí kò tiẹ̀ ronú kan owó tẹ́lẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa rẹ̀.

Akọ̀wé náà dá tirẹ̀ lábàá pé "Ẹbí la jẹ́ fún yín." Ìlà yìí móoru, àmọ́ ó móoru jù. Gbogbo wa mọ bí ẹbí ṣe ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ owó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọjọ́ ń bọ̀ tí agbẹjọ́rò yóò ní láti sọ fún oníbàárà pé ohun tó ń fẹ́ kò bófin mu, ìjà ọjọ́ yẹn yóò sì le ju ti àjèjì lọ tó bá ti pè é ní ẹbí.

Wọ́n tún wo "Ẹ pè wá nígbàkúgbà." Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín sí èyí. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, tí òun àti àwọn méjèèjì bá wà ní ilé ẹjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo fóònù ọ́fíìsì ló máa ń wà ní pípa. Ìlérí tí wọn kò lè mú ṣẹ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ jù, ó ní, kò yẹ kó wà lórí ìwé.

Ibi tó ti rí ìdáhùn

Ó pa àbá tì, ó sì ṣí ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó ń pe ọ́fíìsì. Ohun tó rí níbẹ̀ yà á lẹ́nu. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń béèrè bóyá àwọn yóò borí. Ìbéèrè tó ń padà wá léraléra ni "Kí ni ohun tí mo fọwọ́ sí yẹn túmọ̀ sí?" Ìwé ilé, ìwé ilẹ̀, àdéhùn àjọṣe okòwò, ìwé ìbúra: ìyẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn, kì í ṣe ìjà ilé ẹjọ́. Ìyá aláṣọ náà gan-an, ibi ìwé tí kò yé e ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà nínú òfin tó ràn án lọ́wọ́. Tí ẹni tí kò mọ̀wé kà bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ìbúra ní Nàìjíríà, wọ́n gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ àti pé ó hàn pé ó yé e. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé náà béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá bá wọn kọ ìwé. Ó wá bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí àǹfààní yìí fi mọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀wé nìkan? Ọ̀pọ̀ àwọn tó kàwé gan-an kò mọ ohun tí èdè agbẹjọ́rò ń sọ.

Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn: "A ó ṣàlàyé rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i."

Ìlà náà kò sọ pé iléeṣẹ́ náà dára, kò sì fi ara rẹ̀ wé ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tí wọn yóò ṣe ló sọ, oníbàárà yóò sì rí i fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ bóyá wọ́n ṣe é tàbí wọn kò ṣe é. Kò ní láti dúró de ìdájọ́ ọdún mẹ́ta.

Wọ́n ṣì jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan fẹ́ kó jẹ́ "Yóò yé yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i." Ọ̀gá kọ̀ ọ́, torí pé àlàyé ló wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò, kì í ṣe òye ẹlòmíràn. Ẹnì kan ní "kí o tó fọwọ́ sí i" kúrú jù "kí ẹ tó" lọ létí. Èyí kò tiẹ̀ gba àkókò: màmá ẹni ọgọ́ta ọdún wo ni ọ́fíìsì kan yóò máa pè ní "o"? Ti Hausa ló fún wọn ní iṣẹ́ díẹ̀, torí èdè náà máa ń ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin tó bá ń bá ènìyàn kan sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pọ̀ ènìyàn ni wọ́n lò níbẹ̀.

Ó ka ìlà náà fún oníbàárà mẹ́ta kó tó gbé e jáde, kò bi wọ́n bóyá ó dára, ó kàn bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé ọ́fíìsì tó bá sọ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe fún wọn. Méjì dáhùn bó ṣe retí. Ẹnì kẹta, bàbá tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, wò ó lójú, ó ní, "Ṣé owó àlàyé yàtọ̀ ni?"

Torí ìbéèrè yẹn ni ìwé owó iṣẹ́ wọn fi ń sọ báyìí pé kíka ìwé àti ṣíṣàlàyé rẹ̀ wà lára owó tí oníbàárà san. Ìwé owó iṣẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì kọ́kọ́ máa ń ṣàlàyé.

Ibo ló wá gbé e sí?

Kò sí lára pátákó. Ìlànà 2007 ní pátákó agbẹjọ́rò yẹ kó mọ níwọ̀n, kó má ṣe aláriwo, kó sì gbé orúkọ àti oyè iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ fún ìwé lẹ́tà náà kò jìnnà sí èyí, nítorí náà ó fi méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ìwé ìléwọ́ tí wọ́n ń pín kiri láti fi wá oníbàárà wà lára ohun tí ìlànà náà kà léèwọ̀, kò sì ṣe é. Ìlà náà wà lójú ìwé àkọ́kọ́ ìkànnì wọn, lórí ògiri yàrá tí àwọn oníbàárà ti ń dúró, àti lórí fáìlì tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ti gba iṣẹ́ fún wọn.

Ní oṣù kejì, ó já sí wọn lọ́wọ́. Oníbàárà kan fẹ́ bá ọkọ̀ alẹ́ lọ sí Èkó, ọ̀kan nínú àwọn agbẹjọ́rò kékeré náà sì jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé ilé láìka a. Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin náà pè láti béèrè ohun tí ìpínrọ̀ tó sọ nípa àfikún owó ilé túmọ̀ sí. Ọ̀gá ló gbé fóònù náà. Ó tọrọ àforíjì, ó ṣàlàyé ìpínrọ̀ náà, ó sì kọ ìpè náà sínú ìwé kékeré kan tó ń gbé sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀.

Irú ìpè bẹ́ẹ̀ nìkan ló ń kọ sínú ìwé yẹn. Ó fi hàn wá. Ìpè mẹ́rin ló wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ìlà náà ti gorí ògiri, iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì kọ orúkọ ẹni tó yẹ kó ti ṣàlàyé sí. Orúkọ tirẹ̀ wà lára wọn lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti ìyá aláṣọ, ó ti rí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Kó tó sanwó rẹ̀, ó mú ìwé àdéhùn náà wá sí ọ́fíìsì, ó jókòó, ó sì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́.