Ṣé Òfin Ni àbí Ìmọ̀ràn? Ìwé Ìtọ́sọ́nà Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Sọ̀rọ̀ Lóhùn Méjì

Ìwé ìtọ́sọ́nà tí yunifásítì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan. Ọ́fíìsì rẹ́jísírà á kọ ti ìdánwò, àwọn tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ti ilé gbígbé, ilé ìkàwé àti ilé ìwòsàn náà á mú tiwọn wá. Tí ọdún bá yí po, wọn á tún fi tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Ìdí nìyẹn tí ojú ìwé kan fi máa ń le bí ìwé ìpẹ̀jọ́, tí èyí tó tẹ̀ lé e á sì máa bá ọmọ ṣàwàdà.

Àwàdà kọ́ ni àléébù ibẹ̀. Inú àwàdà ni òfin máa ń fara pamọ́ sí, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ẹ jẹ́ ká wo irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ kan. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ́, àmọ́ ohun tó ń sọ nìyí. Òfin tó wà lókè ní: "Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá wá sí ìdá 75 nínú 100 kíláàsì rẹ̀ kò ní ṣe ìdánwò." Ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà ló ní irú òfin yìí. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹlòmíràn ti wá kọ ọ́ pé: "Ẹ̀yin ọmọ wa, a mọ̀ pé ara kì í ṣe òkúta o! Tí ara rẹ ò bá yá, sáré lọ rí àwọn nọ́ọ̀sì wa. Kí o sì gbìyànjú láti mú ìwé dókítà wá fún wa láàárín ọjọ́ 7."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ fojú sí. "Gbìyànjú" ń dún bí ìmọ̀ràn, ọjọ́ 7 sì ń dún bí òfin. Ta ni "wa" tí wọ́n ní kí ọmọ mú ìwé wá fún? Ìgbà wo ni ọjọ́ 7 náà bẹ̀rẹ̀, ṣé ọjọ́ tó pa kíláàsì jẹ ni àbí ọjọ́ tára rẹ̀ yá? Tó bá sì mú ìwé náà dé lọ́jọ́ kẹsàn-án ńkọ́?

Olóòtú tó bá gbé bírò, tó kàn sọ "gbìyànjú" di "gbọ́dọ̀", ti dá òfin sílẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó fún un láṣẹ. Ọ̀dọ̀ ọ́fíìsì tó ni ọ̀rọ̀ náà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, kó ka ìbéèrè wọ̀nyẹn fún wọn. Ní tèmi, ìbéèrè yìí ló gba àkókò jù nínú iṣẹ́ náà. Ìgbà míì, ọ́fíìsì méjì á fún un ní ìdáhùn méjì, á wá hàn pé òfin gan-an ni kò dúró sójú kan.

Ká ní ìdáhùn wọn ṣọ̀kan, yóò pín ọ̀rọ̀ náà sọ́nà méjì. Òfin á ní nọ́ńbà tirẹ̀: "Akẹ́kọ̀ọ́ tí àìsàn kò jẹ́ kó wá sí kíláàsì gbọ́dọ̀ mú ìwé dókítà lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 tó tẹ̀ lé kíláàsì àkọ́kọ́ tó pa jẹ. Ìwé tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ kò ní wúlò." Lẹ́yìn rẹ̀ ni àlàyé á wá, nínú àpótí tí kò ní nọ́ńbà: "Tí ara rẹ kò bá yá, ilé ìwòsàn yunifásítì ni kí o kọ́kọ́ lọ. Tètè béèrè ìwé dókítà lọ́jọ́ tí wọ́n bá yẹ̀ ọ́ wò." Ohùn méjèèjì ṣì wà, ṣùgbọ́n kálukú ti mọ àyè rẹ̀. Ojú ìwé àkọ́kọ́ á sì sọ ọ́ gbangba pé ohun tó ní nọ́ńbà nìkan ni òfin.

Orí ọ̀rọ̀ ìbáwí ló léwu jù. Mo ti rí "a lè pè ọ́ wá ká jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀" níbi tó jẹ́ pé ìgbìmọ̀ ìbáwí ni wọ́n ń sọ. Ọmọ tó ka ìyẹn á rọra lọ láìmú ẹlẹ́rìí dání. Ní ọdún 1986, nínú ẹjọ́ Garba àti Yunifásítì Màìdúgùrì, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Nàìjíríà dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n lé láre, torí pé wọn kò gbọ́ tẹnu wọn bó ṣe yẹ. Ìwé ìtọ́sọ́nà kọ́ ni ẹjọ́ yẹn dá lé, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, kó sì ráyè fèsì. Ẹ má fi ẹ̀rín bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà o: "akẹ́kọ̀ọ́ tí a mẹ́nu bà lókè" níbi tí wọ́n ti ń júwe ilé oúnjẹ. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára; ẹ kàn yí i sí "ìwọ", kẹ́ ẹ máa lọ.

Tẹ́ ẹ bá ṣàtúnṣe tán, ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní mélòó kan kà. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó yé wọn, nítorí "bẹ́ẹ̀ ni" ni wọn á sọ. Ẹ bi wọ́n léèrè pé: "Tí o bá pẹ́ ńkọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀?" Tí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀ síra, ojú ìwé yẹn kò tíì tó gbé lọ sí ilé ìtẹ̀wé.